Kóòdù orí síìmù àti kóòdù inú áàpù: èwo ló yẹ kó ṣọ́ ímeèlì àti owó yín?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Lóṣù tó kọjá, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ọ̀jọ́ta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti gba ímeèlì rẹ̀, wọ́n sì ti gbá owó báńkì rẹ̀ lọ. Ọmọ mi wá ní kí n kúrò nínú kóòdù tó ń wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́, kí n gbé áàpù Authenticator sórí fóònù mi. Ṣé òótọ́ ni pé ó dára jù? Tí wọ́n bá jí fóònù èmi náà ńkọ́, ṣé áàpù ọ̀hún ò ní bá a lọ ni? Ṣé báńkì mi á sì gbà á?"

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ bá mi kí àbúrò yín kú ewu, kí wọ́n sì kú àdánù. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà báńkì kan kí n tó dá dúró, irú ẹjọ́ yìí ló sì máa ń dúró dè wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ tí báńkì ti tilẹ̀kùn ni àwọn olè fẹ́ràn jù. Ní ti ímeèlì, òótọ́ lọmọ yín sọ, ẹ gbé e lọ sórí áàpù. Ní ti báńkì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbà á, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ẹ lè ṣe. Áàpù yóò bá fóònù tí wọ́n jí lọ lóòótọ́, àmọ́ kò ní ṣí fún olè bí síìmù ṣe máa ń ṣí fún un. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni olè ń bá fóònù náà jìjàkadì títí tó fi ṣí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù tó ní títì lójú ń dààmú wọn, wọn kì í sì í fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kékeré ni wọ́n ń kì bọ ihò ẹ̀gbẹ́ fóònù, wọ́n á yọ síìmù, wọ́n á sì kì í bọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan báyìí. Láti ìṣẹ́jú yẹn, lójú gbogbo báńkì àti gbogbo ilé iṣẹ́ ímeèlì tó wà láyé, ẹni tó mú fóònù onítọ́ọ̀ṣì yẹn dání ni àbúrò yín. Á fi í pe fóònù ara rẹ̀ kó lè mọ nọ́ńbà. Orúkọ ò sì ṣòro fún un: àwọn báńkì orí fóònù kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù náà ni nọ́ńbà àkáǹtì, bí èèyàn bá ti ṣe bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ síbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín á yọ gbàgà. Nọ́ńbà rèé, orúkọ rèé. Á lọ sójú ìwé ímeèlì, á ní òun gbàgbé bí àdírẹ́sì òun ṣe ń jẹ́, òun gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù òun. Wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́. Kóòdù náà á dún "gbìn" lórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ó sì ti wọlé nìyẹn.

Ibi tí owó ti ń lọ ló kàn. Inú ímeèlì ni báńkì ń kó ìwé ìṣirò oṣooṣù sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi àwòrán káàdì báńkì àti ti ìdánimọ̀ wọn pamọ́ sí. Olè á gbé áàpù báńkì náà sórí fóònù tirẹ̀, báńkì á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá onílé ni, á fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà, nígbà mìíràn á tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí ímeèlì, kó lè dá a lójú. Lójú báńkì, ẹ̀rí méjì lòun gbà. Ṣùgbọ́n síìmù ló ṣí ímeèlì, síìmù náà ló gba kóòdù, nítorí náà ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà ńlẹ̀, ó kàn wọ aṣọ méjì ni. Èyí ni mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó bá ń bú báńkì wọn pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ta wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo fojú ara mi tú wò, síìmù tí kò ní títì kankan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ẹ wò ó, nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ti ẹni bí a ṣe rò. Ó ń tẹ̀lé síìmù, síìmù sì ń tẹ̀lé ẹni tó bá mú un dání, tàbí ẹni tó bá rí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàn jẹ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba síìmù tuntun sórí nọ́ńbà àtijọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wẹ́kọ́ọ̀mù-báàkì. Láti ìparí ọdún 2020 tí ìjọba ti ní kí wọ́n so gbogbo nọ́ńbà mọ́ NIN, ó ti le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ò tíì dí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó sẹ́yìn káńtà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, àmì rẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín á kàn kú lójijì, tí ti àwọn tó jókòó tì yín sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé òpó ló bàjẹ́. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe nọ́ńbà yín. Bí ó bá ń dún níbì kan tí kì í ṣe ọwọ́ yín, ẹ sáré pe báńkì.

Ó tún kù. Nọ́ńbà tí ẹ ò bá lò fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè pa á, bó bá sì yá wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Mo bá ọkùnrin kan tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe é rí. Síìmù Nàìjíríà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé, kò rántí ra káàdì sí i. Ọmọbìnrin kan ra síìmù tuntun ní Òṣogbo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó tó ń wọlé tó ń jáde nínú àkáǹtì ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọmọ gidi ni, ó pe báńkì. Ká ní kì í ṣe ọmọ gidi ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀, ọjà tó wà lórí tábìlì ló rà. Àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ronú olè. Ní ọdún 2017, ní Jámánì, àwọn kan gba inú ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá, wọ́n yí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì kó owó àwọn oníbàárà. Wọn ò fọwọ́ kan fóònù ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ò wọ́pọ̀, n ò fẹ́ fi í dẹ́rù bà yín. Fóònù tí wọ́n já gbà nínú dánfó ni tiwa.

Ó wá ku áàpù. Kóòdù inú áàpù kì í ti ibì kankan wọlé, inú fóònù yín ni wọ́n ti ń bí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ so ó pọ̀ mọ́ ímeèlì, wọ́n á fi àwòrán onígun mẹ́rin kan hàn yín, tó ní àmì dúdú wẹẹrẹ lórí funfun, ẹ ó sì fi kámẹ́rà fóònù wò ó. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà nínú àwòrán yẹn, ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kò nítumọ̀. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ímeèlì, ẹ̀dà kan wọ inú áàpù yín, kò sì tún ní rin ìrìn kankan mọ́. Láti ọjọ́ náà, aago ni àwọn méjèèjì ń wò. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, wọ́n á pín in sí ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, wọ́n á po iye tó jáde mọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn nínú ìṣirò kan, wọ́n á sì gé nọ́ńbà mẹ́fà jáde nínú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 2027, ìṣẹ́jú àáyá 1,800,000,000 géérégé ni yóò ti kọjá. Ẹ pín in sí 30, ó di 60,000,000. Iye yẹn ni fóònù yín á fi ṣe kóòdù, òun náà ni kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ímeèlì á fi ṣe tirẹ̀, kóòdù kan náà ni yóò sì jáde ní ọ̀hún àti níhìn-ín. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, iye náà á di 60,000,001, kóòdù á sì yí padà. Kò sí ohun tó gba ojú ọ̀run kọjá tí ẹnikẹ́ni lè já gbà lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ tẹ àmì bàálù lórí fóònù yín kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú pátápátá, kí ẹ wá ṣí áàpù náà. Kóòdù á ṣì máa yí padà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èyí dùn mọ́ àwọn tó ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í dúró, àti àwọn tó bá rìnrìn àjò tí síìmù ilé ò bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ìlànà ìṣirò náà kì í sì í ṣe àṣírí ẹnì kan, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé láti ọdún 2011. Nítorí náà, Google Authenticator, Microsoft Authenticator àti àwọn mìíràn bíi tiwọn, bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Méjì tí mo dárúkọ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá rí èyí tó ń bèèrè owó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ pa á rẹ́.

Bí kóòdù áàpù bá kọ̀ tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Olùkọ́ kan ní Ṣàgámù gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní áàpù náà ti bàjẹ́, gbogbo kóòdù tí òun bá tẹ̀ ni wọ́n ń dá padà. Mo wo ojú fóònù rẹ̀, mo wo tèmi: tirẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣíwájú. Ó ní ńṣe lòun mọ̀ọ́mọ̀ tì í síwájú kí òun má baà máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Áàpù rẹ̀ wá ń ṣe kóòdù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò tíì dé. A ní kí fóònù máa gba aago lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kóòdù tó tẹ̀lé e wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó di ti olè. Áàpù náà wà nínú fóònù, fóònù sì ní títì. Kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè fi yọ ọ́ kí wọ́n kì í bọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn: síìmù ṣeé yọ, áàpù ò ṣeé yọ. Ṣùgbọ́n òfin yìí dúró lórí títì ojú fóònù yín. Bí ó bá jẹ́ 1234 tàbí ọdún ìbí yín ni ẹ fi tì í, tàbí tí wọ́n bá já a gbà nígbà tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín tí ẹ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí Wáàsáàpù, áàpù náà á ṣí fún wọn bí ó ṣe ń ṣí fún yín. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí kò jọ mọ́ nǹkan kan tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú fóònù máa pa dé kíákíá, kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àwọn áàpù kan tún ní títì tiwọn lọ́tọ̀, tó ń bèèrè ìka kó tó fi kóòdù hàn. Ẹ tan ìyẹn náà.

Ewu tí mo ti rí ju ti olè lọ lórí áàpù ni pé onílé gan-an lè tì ara rẹ̀ síta. Fóònù bọ́ sómi, tàbí wọ́n jí i, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ, kò sì sí síìmù tuntun kan tó lè gba kọ́kọ́rọ́ náà padà. Èyí ni àtẹ̀jíṣẹ́ fi dára ju áàpù lọ, n ò ní fi pamọ́ fún yín: ẹ lè gba nọ́ńbà yín padà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò ní ẹ̀dà rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Gúgù ti jẹ́ kí Google Authenticator máa fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú àkáǹtì Gúgù ẹni láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, ó sì ṣe èèyàn láǹfààní, àfi tó bá jẹ́ ímeèlì Gúgù kan náà ni áàpù ọ̀hún ń ṣọ́. Nígbà náà, ńṣe lẹ ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ inú ilé. Torí ìdí èyí, pépà ni mo gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn oníbàárà mi tó ń lo Gmail rèé, ìtẹ̀lé-tẹ̀lé rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Ẹ ṣí myaccount.google.com, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 2-Step Verification sí. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí Backup codes. Kóòdù mẹ́wàá ni wọ́n á fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èyíkéyìí nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi bíróò kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ kó o síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ yín sí. Kó má wọ inú àpò tí ẹ ń gbé lọ sọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá lọ síbi tí wọ́n kọ Authenticator sí. Bí àwòrán onígun mẹ́rin yẹn bá ti yọ, tí ẹ bá ní fóònù àtijọ́ kan tó ṣì ń tàn nílé, ẹ gbé áàpù sórí òun náà, kí fóònù méjèèjì wo àwòrán kan náà. Kóòdù kan náà ni wọ́n á máa fi hàn, èyí tó wà nílé á sì gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ti ọwọ́ yín bá lọ. Ẹ má ya fọ́tò àwòrán náà o, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín lórí Wáàsáàpù. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn ti ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yín títí ayé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ló kù. Wọ́n á gbé áàpù síbẹ̀ tán, inú wọn á dùn, wọn ò sì ní yọ nọ́ńbà fóònù kúrò. Olè á dé ojú ìwé ìwọlé, wọ́n á bèèrè kóòdù áàpù lọ́wọ́ rẹ̀, á wá tẹ Try another way, wọ́n á sì ní ṣé kí àwọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ ti fi irin sí ilẹ̀kùn iwájú, ẹ sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Torí náà, lẹ́yìn tí kóòdù ti wà nínú ìwé, tí ẹ sì ti fi áàpù wọlé lẹ́ẹ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn láti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ padà sí 2-Step Verification kí ẹ yọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan tún wà lábẹ́ Recovery phone, tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà. Ẹ má fi síìmù tó ń bá yín wọ ọkọ̀ síbẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ yín tí ẹ fọkàn tán ló dáa jù, tàbí síìmù kan tó wà nínú fóònù àtijọ́ nílé, bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ ó máa ra káàdì sí i kó má baà kú. Àwọn kan ní kí èèyàn yọ ọ́ pátápátá. Fún ẹni tó mọ̀ pé òun kì í sọ ìwé nù, mo fara mọ́ ọn. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò fara mọ́ ọn, torí mo ti rí àwọn tó pàdánù ímeèlì ọdún mẹ́wàá láìsí olè kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti báńkì. Ọ̀pọ̀ báńkì wa ní Nàìjíríà kì í gba kóòdù Authenticator lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n ní tiwọn. Tókìn kékeré tó dà bí ohun ìkọ́ kọ́kọ́rọ́, tí ẹ tẹ̀ kó tó fi nọ́ńbà hàn, irú ìṣirò kan náà ló ń ṣe nínú. Àwọn mìíràn ti kó tókìn náà sínú áàpù báńkì wọn, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kan ṣoṣo tí ẹ ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ní ẹ̀ka báńkì yín pé kí ni wọ́n ní yàtọ̀ sí OTP orí àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n bá ní, pàápàá fún àkáǹtì tí owó ọjà wà. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìbéèrè kejì tí àwọn èèyàn kì í bèèrè: "Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé áàpù yín sórí fóònù tuntun lórúkọ mi, kí lẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kóòdù àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni, tókìn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbà yín, nítorí síìmù náà ló ṣì ń jọba. Bí wọ́n bá ní èèyàn gbọ́dọ̀ fi ojú hàn kámẹ́rà, tàbí kó wá sí báńkì fúnra rẹ̀, ìyẹn sàn. Kóòdù oníràwọ̀ tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, orí síìmù ló dúró, píìnì oní-nọ́ńbà mẹ́rin ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ kì í bá lò ó, ẹ ní kí báńkì tì í pa. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ bèèrè kóòdù tí èèyàn lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti dá àkáǹtì dúró, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú kóòdù mẹ́wàá yẹn.

Nígbà tí báńkì bá ti ní síìmù lòun máa lò, síìmù gan-an ni kí a tì. Ohun tí ì bá ti gba àbúrò yín nìyí, bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé nínú ogún èèyàn tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹyọ kan tó ṣe é. Gbogbo síìmù ló ní píìnì tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti ojú fóònù. Lórí Áńdírọ́ọ̀dù, inú Settings ni, lábẹ́ Security, níbi tí wọ́n kọ SIM lock sí. Orúkọ náà máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pe 300, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò báyìí, kí ẹ bèèrè píìnì tí síìmù yín bá wá láti ilé iṣẹ́ àti PUK rẹ̀. Ẹ má méfò o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á tì, PUK nìkan ló lè ṣí i. Bí ẹ bá tún tẹ PUK ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù ti kú nìyẹn, ó di kí ẹ lọ tò fún òmíràn. Bí ẹ bá ti tan títì náà, ẹ yí píìnì náà padà sí tiyín. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá kì í bọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì, píìnì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bá pàdé. Fóònù yín náà á máa bèèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá pa á tí ẹ sì tún tàn án, ẹ fara da ìyẹn.

Àyè kan ṣì kù sílẹ̀ fún olè níbẹ̀. Bí fóònù bá wà ní títàn nígbà tí wọ́n gbà á, síìmù ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé sì lè hàn lójú fóònù láì ṣí i. Ẹ lọ sí Settings, lábẹ́ Notifications, kí ẹ ní kó má fi ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ hàn nígbà tí ojú fóònù bá wà ní títì. Ẹ wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan dán an wò láti orí fóònù ọmọ yín. Títì síìmù ò sì lè dí ọ̀nà wẹ́kọ́ọ̀mù-báàkì tí mo sọ lókè, àmì tí mo fi hàn yín nìkan lẹ máa fi mọ̀.

Áàpù ni o, àtẹ̀jíṣẹ́ ni o, kò sí èyí tó lè gbà yín bí ẹ bá fi ẹnu ara yín ka kóòdù fún olè. Obìnrin kan tó ń ta pépà ìkọ̀wé nítòsí wa ní áàpù, ó ní ohun gbogbo. Ẹnì kan pè é, ó ní láti báńkì lòun ti ń pè, ẹnì kan ń gbìyànjú láti kó owó rẹ̀, kó yára ka nọ́ńbà tó wà nínú áàpù rẹ̀ kí àwọn lè dá a dúró. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá pọ̀ fún ẹni tó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń dúró de nọ́ńbà mẹ́fà. Bákan náà ni ti ojú ìwé ayédèrú tó jọ ti báńkì: ẹ tẹ kóòdù síbẹ̀, olè gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé gidi kí kóòdù tó yí padà. Ohun tó ń dí ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ inú fóònù tí wọ́n ń pè ní passkey, tí ẹ ń fi títì ojú fóònù yín ṣí dípò kí ẹ tẹ kóòdù, nítorí ó máa ń wo àdírẹ́sì ojú ìwé náà fúnra rẹ̀, kò sì ní dáhùn bí ó bá jẹ́ ayédèrú. Gmail ti ń gbà á. Bí áàpù bá ti mọ́ yín lára, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi ìyẹn hàn yín.

Ẹ má sì torí gbogbo èyí pa kóòdù àtẹ̀jíṣẹ́ níbi tí kò bá sí òmíràn. Nínú ìwádìí kan tí Gúgù tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, kóòdù àtẹ̀jíṣẹ́ dí gbogbo ẹ̀rọ tó kàn ń dán páásíwọ́ọ̀dù wò káàkiri, ó dí 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń fi ojú ìwé ayédèrú dẹ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì dí 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìídì dojú kọ ẹnì kan. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí òfo, àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ mú.

Ní ti àbúrò yín, bí ó bá ti gba nọ́ńbà àti ímeèlì rẹ̀ padà, ẹ sọ fún un pé kò tíì parí o. Kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó ṣí Gmail, kó lọ sínú Settings, kó wo Forwarding and POP/IMAP. Bí ó bá bá àdírẹ́sì tí kò mọ̀ níbẹ̀, olè ló fi í síbẹ̀ kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà lè máa tẹ̀ lé e lọ, pípa páásíwọ́ọ̀dù dà kì í sì í yọ ọ́. Kó wo Filters and Blocked Addresses náà: mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí gbogbo lẹ́tà tó bá ti báńkì wá máa lọ tààrà sínú pàǹtírí, kí onílé má baà rí i pé owó ń lọ. Kó yọ wọn, kó padà sí myaccount.google.com, kó wá Your devices, kó sì lé gbogbo fóònù tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde, títí kan èyí tí wọ́n jí.